Ìlà Àwọn Tí Kò Dáhùn

Kò sí ohun tí obìnrin náà ń tà, síbẹ̀ Alátẹ ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè é. Bí àlejò bá gbọ́ orúkọ yẹn, yóò wo ẹ̀gbẹ́ àga rẹ̀ bóyá á rí ọjà. Kò ní í rí ju kọ̀ǹpútà kan àti ife tíì tó ti tutù. Àtẹ tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọlọ́jà. Ìwádìí ni wọ́n ń ṣe nílé iṣẹ́ wọn: wọ́n á rán àwọn èèyàn lọ béèrè ọ̀rọ̀ láti ilé dé ilé, ohun tí wọ́n bá sì kó bọ̀ á di òkìtì nọ́ńbà tí ojú lásán ò lè rí ìdí rẹ̀. Alátẹ ló máa ń jókòó ti òkìtì náà. Á ṣà á bí ẹni ń ṣa ìrẹsì, á yọ òkúta inú rẹ̀, á tò ó sórí àtẹ tó ní ìlà àti òpó, á wá kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ àtẹ náà, kí ẹni tó bá mọ̀wé kà níwọ̀nba lè mọ ohun tí àwọn nọ́ńbà ń wí.

Ó ní àṣà kan. Ìjábọ̀ kankan kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kó má kọ́kọ́ ka apá tó jẹ́ ọ̀rọ̀ sétí ìyá rẹ̀ nílé. Aránṣọ ni ìyá náà kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́. Nígbà kan tí Alátẹ ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ omi ẹ̀rọ, ó kà á pé, “ìpín tó pọ̀ jù lọ lára àwọn olùdáhùn,” ìyá rẹ̀ sì dá a dúró, ó ní ta ló ń jẹ́ Olùdáhùn, ṣé ará àdúgbò wọn ni. Alátẹ rẹ́rìn-ín títí, ó pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, ó kọ “àwọn tí a bi léèrè” rọ́pò rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni màmá ti ń fọ́nnu fún àwọn ará ilé pé ọmọ òun kì í kọ̀wé sí ìjọba láìjẹ́ pé òun fọwọ́ sí i.

Ọ̀gá wọn, ọkùnrin kan tó ti hewú tí gbogbo wọn ń pè ní Dókítà, ló gbé iṣẹ́ tuntun kan wá bá a láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Àwọn ilé ìwòsàn kan fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àwọn obìnrin tí ọmọ wọn kú kó tó wáyé tàbí lójú ìrọbí gan-an. Wọ́n ti bi ọ̀pọ̀ obìnrin léèrè, fáìlì ti dé, ó kù kí Alátẹ kọ abala àbájáde. Dókítà ṣàlàyé tán, ó béèrè bóyá fáànù ọ́fíìsì rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò mọ nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó mọ̀ níbi iṣẹ́ yẹn, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Alátẹ ti ṣẹlẹ̀ kó tó débẹ̀.

Oyún rẹ̀ ti pé oṣù nígbà náà. Ọmọ náà dákẹ́ sínú, ó sì ní láti rọbí rẹ̀ bí ẹni pé ààyè ni. Oògùn tí wọ́n fún un mú kí ojú rẹ̀ wúwo, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ò sùn. Ó gbọ́ tí omi ń dà sínú abọ́ irin. Ó gbọ́ tí ẹnì kan sọ pé obìnrin ni. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀, kedere bí ohùn ẹni tó wà létí ibùsùn: “Ẹ gbé e lọ. Ẹ má jẹ́ kó rí i.” Nígbà tó fi la ojú dáadáa, wọ́n ti nu ilẹ̀, ìyá rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, ọkọ rẹ̀ wà lápá òsì, kò sì sí ẹlòmíràn nínú yàrá náà.

Àwọn èèyàn wá kí i. Wọ́n ní omi ló dà nù, agbè ò fọ́. Òótọ́ ni pé agbè ò fọ́, ṣùgbọ́n omi ò wọ inú rẹ̀ mọ́. Ọkọ rẹ̀, tó ń tún amúlétutù ṣe, ríṣẹ́ sí ìlú mìíràn. Ó kọ́kọ́ ń wálé lóparí oṣù, ó wá di ìgbà tí àyè bá yọ, ó wá di orí fóònù. Wọn ò jà. Bóyá tí wọ́n bá jà ni ì bá sàn. Ìyá rẹ̀ kó wá bá a gbé, àwọn méjèèjì ń jẹun pọ̀, wọ́n ń ṣàwàdà, wọ́n ń tọ́jú ara wọn nígbà àìsàn, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ ilé ìwòsàn yẹn, ẹnìkan ò mẹ́nu ba ọmọ náà fún ẹnì kejì. Ọ̀rọ̀ yẹn wà láàárín wọn bí àga tó fọ́ nínú yàrá, tí gbogbo ara ilé ti mọ bí wọ́n ṣe ń rọra yí i kọjá.

Alátẹ lè kọ iṣẹ́ náà. Ó rò ó. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ìdí rẹ̀ fún? Ó ṣí fáìlì náà.

Ohun tó wà níbẹ̀ kò sunkún. Obìnrin kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlà kan, ìbéèrè kọ̀ọ̀kan jẹ́ òpó kan. Ení dúró fún bẹ́ẹ̀ ni, èjì fún rárá, ẹ̀sán fún kò dáhùn. Bí èèyàn ò bá tètè sọ fún kọ̀ǹpútà pé ẹ̀sán yẹn kì í ṣe iye ohunkóhun, á pa á pọ̀ mọ́ nọ́ńbà tòótọ́, á sì mú ìṣirò òpònú jáde. Alátẹ kọ́kọ́ tún gbogbo ìyẹn ṣe. Ìlà méjìdínlógún ló lé lórí ọ̀ọ́dúnrún. Ó rí mẹ́fà tí wọ́n tẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì, ó yọ àkọtúnkọ wọn. Ó rí méjìlá tí ọmọ wọn wáyé láàyè tó sì lo ọ̀sẹ̀ bí i mélòó kan. Ìbànújẹ́ tiwọn náà tóbi, ṣùgbọ́n wọn ò sí lára àwọn tí ìwádìí náà wà fún, ó sì yọ wọ́n pẹ̀lú àlàyé. Ó kù ọ̀ọ́dúnrún géérégé. Ọ̀kan wà tí wọ́n kọ ọjọ́ orí rẹ̀ ní igba ọdún ó lé ọgbọ̀n. Alátẹ wá fọ́ọ̀mù rẹ̀ jáde nínú àpótí, ó rí i pé ẹni ọdún mẹ́tàlélógún ni, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló fi òdo kan kún un. Àwọn tó wà ní ọ́fíìsì fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọjọ́ fi kanrí. Òun náà rẹ́rìn-ín. Mẹ́tàlélógún ni òun náà nígbà tiẹ̀.

Ó ń to àwọn àtẹ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Lórí kọ̀ọ̀kan, ó kọ àkòrí tó sọ ohun tí wọ́n béèrè, àwọn tí wọ́n bi, àti iye wọn, kí ẹni tó bá ya ojú ìwé yẹn nìkan lọ má baà sọnù. Bí ilé wọn ṣe jìnnà sí ilé ìwòsàn tó. Ta ló tẹ̀ lé wọn lọ. Ta ló sọ fún wọn pé ọmọ ti kú. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, àwọn tí kò dáhùn kì í ju ẹni méjì tàbí mẹ́ta lọ. Ìgbà tó dé orí ìbéèrè tó béèrè pé, “Ǹjẹ́ wọ́n bi yín bóyá ẹ fẹ́ rí ọmọ náà?” ni nǹkan yí padà. Bẹ́ẹ̀ ni, méjìdínláàádọ́fà. Rárá, méjìlélàádóje. Kò dáhùn, ọgọ́ta.

Ó tún un kà. Ọgọ́ta náà ni. Ó dìde, ó lọ dúró lójú fèrèsé, ó ń wo àwọn tó ń sọ̀dá títì. Tí wọ́n bá ti bi òun náà léèrè nínú yàrá òun, kí ni òun ì bá wí? Ìyá òun ì bá wà níbẹ̀, tí yóò máa ká aṣọ. Ẹ̀sán ni wọn ì bá tẹ̀ síwájú orúkọ òun.

Nígbà tí Dókítà rí àtẹ yẹn, ìlà ìsàlẹ̀ ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ bọ́ sí. Ó ní ó ń ba àtẹ jẹ́. Èrò tirẹ̀ ni pé kí wọ́n yọ àwọn tí kò sọ nǹkan kan kúrò, kí wọ́n ṣírò lórí àwọn òjìlélúgba tó dáhùn. Ìyẹn á fún wọn ní márùndínláàádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n bi léèrè, ìyókù ni wọn ò bi, kí wọ́n wá kọ àlàyé kékeré sábẹ́ àtẹ. Kì í ṣe irọ́. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀, Alátẹ fúnra rẹ̀ ti ṣe é bẹ́ẹ̀ rí níbi tó ti bójú mu.

“Tó bá jẹ́ ẹni méjì mẹ́ta ni, sà, ǹ bá ti yọ wọ́n,” ni Alátẹ wí. “Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú márùn-ún ni. Bí èèyàn márùn-ún bá jókòó, tí ọ̀kan dákẹ́, a ò lè kọ̀wé bí ẹni pé mẹ́rin ló wá.”

Dókítà fọwọ́ ra irùngbọ̀n rẹ̀. Kì í ṣe alágídí èèyàn. Ó ní kí ìlà náà dúró nígbà náà, kí iye gbogbo wọn jẹ́ ọ̀ọ́dúnrún: mẹ́rìndínlógójì nínú ọgọ́rùn-ún ní wọ́n bi àwọn, mẹ́rìnlélógójì ní wọn ò bi àwọn, ogún ò dáhùn. Kí ó sì sọ nínú ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ pé bí a bá ka kìkì àwọn tó dáhùn, márùndínláàádọ́ta ló máa jẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó bá ń ka méjèèjì mọ ìdí tí wọn ò fi bára mu. Ó ti ń lọ kó tó yíjú padà. Ó ní, “Ṣùgbọ́n wọ́n á bi wá pé kí ló dé tí wọ́n fi dákẹ́. Ẹ wá nǹkan tí a máa wí.”

Alátẹ lọ bá obìnrin tó ṣáájú àwọn tó lọ béèrè ìbéèrè náà. Arìnnàkore ni ìnagijẹ ìyẹn, nítorí kò síbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dé, kì í sì í tibẹ̀ bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Ó ń jẹ ẹ̀pà lọ́wọ́ nígbà tí Alátẹ bi í, ó sì gbé ẹ̀pà náà sílẹ̀.

“Àǹtí, wọn ò kọ̀ láti dáhùn o,” ló wí. “Wọ́n á kàn wo ẹni tó jókòó tì wọ́n, wọ́n á wá dákẹ́.”

Ó ṣàlàyé pé ó yẹ kó jẹ́ obìnrin náà nìkan ni wọ́n máa bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ilé ẹlòmíràn ò ju yàrá kan lọ, ọkọ ẹlòmíràn ò sì gbà láti jáde. Ìyá á ní ọmọ òun ni, kí ló fẹ́ sọ tí etí òun ò lè gbọ́. Nítorí náà ni wọ́n fi fi àpótí kékeré kan sí ìparí fọ́ọ̀mù, tí wọ́n á máa sàmì sí i bóyá ẹbí kan wà níbẹ̀. Arìnnàkore ní òun rò pé kìkì láti fi ṣọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ni, pé kò sẹ́ni tó máa lò ó.

Alátẹ padà sídìí kọ̀ǹpútà, ó da ìbéèrè méjèèjì pọ̀ sórí àtẹ kan. Ìlà kìíní, àwọn tó dá wà: ọgọ́sàn-án. Ìlà kejì, àwọn tí ẹbí jókòó tì: ọgọ́fà. Ó ṣírò ìdá kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tirẹ̀, kí ìlà kọ̀ọ̀kan lè pé ọgọ́rùn-ún. Lára àwọn tó dá wà, àwọn tí kò dáhùn jẹ́ méjìlá, bí i méje nínú ọgọ́rùn-ún. Lára àwọn tí ẹbí jókòó tì, wọ́n jẹ́ méjìdínláàádọ́ta, ogójì nínú ọgọ́rùn-ún.

Arìnnàkore, tó ti tẹ̀ lé e wá tó dúró lẹ́yìn àga rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ṣírò. Ó ní méjìdínláàádọ́ta nínú ọgọ́ta, ṣé kì í ṣe ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn ni? Alátẹ ní òun náà ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn ni nọ́ńbà yẹn ń sọ. Ọgọ́rin yẹn ń sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún tó dákẹ́, ọgọ́rin ló ní ẹbí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ogójì ń sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún tó ní ẹbí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ogójì ló dákẹ́. Ẹni tó bá gbé ọ̀kan sípò èkejì á kọ̀wé pé púpọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ẹbí jókòó tì ni kò lè sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló sọ̀rọ̀. Ó ṣàlàyé rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bó ṣe máa ń ṣe.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ló kọ ọ̀rọ̀ abẹ́ àtẹ náà. Kò kọ ọ́ bó ṣe máa ń kọ̀wé. Ó kọ pé, “Àwọn ẹbí ló ń pa àwọn obìnrin yìí lẹ́nu mọ́, bí wọ́n ṣe pa wọ́n lójú dé ní yàrá ìrọbí.” Ó fi ránṣẹ́ sí Dókítà láìkà á léèmejì.

Dókítà kò fi lẹ́tà dá a lóhùn. Ó wá fúnra rẹ̀, ó fa àga kan, ó jókòó.

“Ọ̀rọ̀ yìí wọni lára,” ó ní, “ṣùgbọ́n nọ́ńbà kọ́ ló sọ ọ́.”

Ó ní nọ́ńbà sọ pé ìdákẹ́jẹ́ pọ̀ níbi tí ẹbí wà, ó parí síbẹ̀. Bóyá ẹbí ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Bóyá àwọn tí ọgbẹ́ wọn ṣì tutù jù lọ ni ẹbí ò fẹ́ fi sílẹ̀, tí wọn ì bá dákẹ́ náà bí wọ́n bá tiẹ̀ wà láwọn nìkan. Ìwádìí wọn ò lè ya èyí sọ́tọ̀ kúrò lára ìyẹn. Ó ní ẹnu Alátẹ gan-an lòun ti kọ́kọ́ gbọ́ irú ìkìlọ̀ yìí, nígbà iṣẹ́ omi ẹ̀rọ.

Alátẹ mọ̀ pé òótọ́ ni. Ìyẹn ló mú kó bínú jù. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó ní, “Mo mọ ọ̀kan lára wọn, sà.”

Dókítà ò béèrè ẹni tó jẹ́. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó bi í bóyá kí òun gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Alátẹ mi orí. Ó ní bí ẹlòmíràn bá ṣe é, ó lè yọ ìlà ìsàlẹ̀.

Ó pa ohun tó kọ rẹ́. Ó tún un kọ, ó sì lé ara rẹ̀ jáde kúrò nínú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ó kọ pé: “Nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tí a bá sọ̀rọ̀ láwọn nìkan, méje ni kò dáhùn ìbéèrè yìí. Nínú ọgọ́rùn-ún tí ẹbí jókòó tì, ogójì ni kò dáhùn. Ìwádìí yìí ò lè sọ ohun tó fà á. Ohun tó fi hàn ni pé ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ tẹnu àwọn obìnrin yìí ní láti wá àyè bá wọn sọ̀rọ̀ láwọn nìkan.” Lẹ́yìn náà ló kan àtẹ tó kù, ti àwọn méjìlélàádóje tí wọn ò bi léèrè. Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin nínú wọn sọ pé ẹbí àwọn ló ní kí wọ́n gbé ọmọ náà lọ. Lórí méjìlélàádóje ló ti ṣírò rẹ̀, kì í ṣe lórí ọ̀ọ́dúnrún, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà sí àkòrí: mẹ́rìnlélọ́gọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún.

Ó gbé ìwé náà relé. Ó ti pinnu pé òun ò ní í ka tọ̀tẹ̀ yìí fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ Ẹtì kọjá, Àbámẹ́ta kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, wọ́n ń ká aṣọ tó gbẹ, màmá ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó ní ó ti pẹ́ tí wọn ò ti ka ìwé fún òun, àbí wọ́n ti lé òun lẹ́nu iṣẹ́ ni? Ó ń ṣàwàdà. Alátẹ lọ mú ìwé náà.

Ó kà á láìgbójú sókè. Ó ka ti ọ̀nà jíjìn, ó ka ti ẹni tó tẹ̀ lé wọn. Màmá ń mi orí, ó ń ká aṣọ. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò dáhùn, ọwọ́ ìyá rẹ̀ rọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó dé gbólóhùn tó gbẹ̀yìn, tó kà pé ẹbí wọn ló ní kí wọ́n gbé ọmọ náà lọ, aṣọ dúró lórí itan màmá, kò ká a mọ́.

Ẹnì kan ń gbá àgbàlá níta.

“Àwọn ẹbí náà ńkọ́?” màmá béèrè. “Ṣé ẹ bi wọ́n pé kí ló dé?”

“Rárá, Màmá. Àwọn obìnrin nìkan la bi.”

“Ṣé o kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ ò bi wọ́n?”

Alátẹ bojú wo ìwé náà. Kò kọ ọ́. Nínú gbogbo ìṣọ́ra rẹ̀, ìyẹn bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó mú bírò, ó kọ ọ́ sí etí ìwé pé ìwádìí náà ò gbọ́ tẹnu àwọn ẹbí. Ó ń kọ ọ́ lọ́wọ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀ tó fi jẹ́ pé ó ní láti dá bírò dúró kó tó lè gbọ́.

“Nọ́ọ̀sì àgbà ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní bó o bá rí i, ọkàn rẹ lè má bọ̀ sípò mọ́. Mo gbà á gbọ́. Mo rò pé mo ń sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ ni.”

“Mo gbọ́ yín,” ni Alátẹ wí. “Mo gbọ́ ohùn yín níjọ́ náà.”

Ojú ìyá rẹ̀ yí padà. Gbogbo ọdún yẹn, kò mọ̀ pé ó gbọ́. Ó fi aṣọ tó wà lórí itan rẹ̀ bo ẹnu, ó jókòó bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè kan ló wà lẹ́nu Alátẹ, ó sì ti wà níbẹ̀ pẹ́ débi pé ó ti dà bí ahọ́n kejì. “Ṣé ẹ rí i?”

“Mo gbé e.”

“Báwo ló ṣe rí?”

Màmá sọ pé irun kún orí rẹ̀, ó dúdú kirimú. Ó ní iwájú orí rẹ̀ jọ ti bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n àgbọ̀n rẹ̀ jẹ́ ti Alátẹ, kò sí àní-àní. Ó ní ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn. Ó ní, “Ara rẹ̀ ṣì gbóná. Mo fẹ́ fi hàn ọ́. Mo tiẹ̀ yíjú sọ́dọ̀ rẹ. Mo wá rántí ohun tí nọ́ọ̀sì wí.”

Alátẹ bi í ibi tí wọ́n sin ín sí. Ìyá rẹ̀ ní òun ò béèrè. Ó ní lójú òun nígbà náà, ohun tí èèyàn ò bá béèrè á tètè tán. Wọ́n jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, aṣọ tí wọn ò ká sì wà láàárín wọn. Alátẹ ò dì mọ́ ìyá rẹ̀. Kò lè ṣe é lọ́jọ́ yẹn. Ó kàn dìde nígbà tó yá, ó bu omi fún un mu.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbàyè níbi iṣẹ́, ó lọ sí ilé ìwòsàn tó ti bímọ. Akọ̀wé kan tó jẹ́ ọmọlúàbí bá a wá ibi tí wọ́n sin ín sí. Ó ní wọn ò tọ́jú àkọsílẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nígbà náà, pé ibì kan náà ni wọ́n ń sin gbogbo wọn sí, wọ́n sì ti kọ́lé lé ibẹ̀ báyìí. Alátẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yí ilé tuntun yẹn po lẹ́ẹ̀kan. Àwọn aláìsàn jókòó síbẹ̀, wọ́n ń dúró de kí wọ́n pe nọ́ńbà wọn. Ó padà síbi iṣẹ́ rẹ̀ kí ọjọ́ tó rọ̀.

Wọ́n fi ìjábọ̀ náà jíṣẹ́. Dókítà ló gbé e kalẹ̀ níwájú àwọn ilé ìwòsàn, Alátẹ jókòó sẹ́yìn. Dókítà ka ọ̀rọ̀ abẹ́ àwọn àtẹ bí wọ́n ṣe wà gan-an, kò fi nǹkan kún un, kò yọ nǹkan kúrò. Ó lo àkókò lórí ìlà ìsàlẹ̀ ju bó ṣe lò lórí àwọn yòókù lọ. Obìnrin kan tó ń ṣe olórí àwọn nọ́ọ̀sì dìde, ó ní òun náà ti ń sọ fún àwọn ìyá tó tẹ̀ lé ọmọ wọn wá rọbí pé kí wọ́n má jẹ́ kó rí òkú jòjòló náà, bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn nìyẹn. Ó jókòó padà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, méjì nínú àwọn ilé ìwòsàn náà gbé ìlànà tuntun kalẹ̀ pé obìnrin fúnra rẹ̀ ni kí wọ́n bi, lóun nìkan, kí wọ́n sì tún bi í nígbà tí ojú rẹ̀ bá dá. Àwọn yòókù ní àwọn á gbé e yẹ̀ wò.

Ó pẹ́ kí Alátẹ tó pe ọkọ rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ sọ nǹkan kan fún un nípa ọmọ wọn. Ó sọ fún un nípa irun náà, ó sọ ti ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gùn.

“Mo mọ̀,” ni ọkùnrin náà wí. “Mo rí i. Èmi ni mo fi aṣọ wé e.”

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe rí i tán, òun tó rù ú nìkan ni kò rí i. Alátẹ gbé fóònù sí àyà, kò sì lè sunkún. Ọkọ rẹ̀ ń pe orúkọ rẹ̀ láti inú fóònù, ohùn rẹ̀ kéré. Nígbà tó gbé e padà sétí, ọkùnrin náà ní kò sọ́jọ́ kan tí òun ò rò ó láti sọ fún un, ṣùgbọ́n wọ́n ti ní kí òun má dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ìgbà tó wá yá, òun ò lè máa wo ojú rẹ̀ mọ́, ni òun fi ń jìnnà.

Ó wá ní Àbámẹ́ta. Irun orí rẹ̀ ti funfun. Ó tún fèrèsé kan tí kò ṣeé tì dáadáa ṣe, kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ kó ṣe é. Wọ́n jókòó, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, màmá ń rántí ọ̀kan, ọkọ ń rántí èkejì, àwọn méjèèjì ń bá ara wọn jiyàn lórí bí etí ọmọ náà ṣe rí, Alátẹ sì ń gbọ́. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọkùnrin náà wọkọ̀ padà sí ìlú tó wà. Kò sí ohun tó yí padà nípa ìyẹn.

Alátẹ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mìíràn báyìí, ti àwọn ọmọ iléèwé àti ọ̀nà tí wọ́n ń rìn. Ó ṣì ń kà á fún ìyá rẹ̀. Nígbà mìíràn, láàárín kíkà, màmá á kàn sọ pé, “Ó gùn, o mọ̀ bẹ́ẹ̀? Ì bá ga.” Nígbà mìíràn Alátẹ á dá a lóhùn. Nígbà mìíràn, á gbé ìwé sílẹ̀, á bọ́ síta, á dúró lẹ́yìn ilé títí ọkàn rẹ̀ á fi rọlẹ̀, kó tó wọlé padà wá máa bá ibi tó kà dé lọ.